Ọ́dà àdìrẹ 640 nínú ṣíìtì kan ṣoṣo: báwo ni mo ṣe máa tú u dé nọ́má fọ́ọ̀mù kẹta?

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdìrẹ àti kàm̀pálà ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n orí Wọ́sáàpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi ti ń rà á. Bí ọ́dà bá ti wọlé, inú ṣíìtì kan lórí fóònù mi ni mò ń kọ ọ́ sí. Ó ti di ìlà 640. Ẹ wo mẹ́ta nínú rẹ̀:

```
oda | ojo        | onibara  | foonu | ilu     | waybill | oja                | apapo
118 | 2025-03-04 | Iya Sade | ..41  | Ilorin  | 3500    | adire 3, kampala 2 | 45500
131 | 2025-04-22 | Iya Sade | ..77  | Ilorin  | 4000    | adire 1            | 13000
140 | 2025-05-09 | Iya Sade | ..41  | Ikorodu | 3000    | kampala 4          | 33000
```

Ní oṣù kẹrin, Ìyá Ṣadé sọ fún mi pé òun ti pààrọ̀ nọ́ḿbà. Mo kọ tuntun sí ọ́dà 131. Nígbà tó tún ra ọjà ní oṣù karùn-ún, tó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun n'Íkòròdú, ìlà 118 ni mo ṣe àdàkọ rẹ̀. Nọ́ḿbà àtijọ́ ni mo fún dírẹ́bà. Ó pè é títí, kò wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni kàm̀pálà mẹ́rin wà ní gáréèjì, òjò sì pa méjì nínú wọn.

Èkejì ni pé bí ẹnì kan bá bi mí pé àdìrẹ mélòó ni mo tà ní oṣù kẹrin, ojú ni mo fi ń kà á. Ọmọkùnrin kan ní kí n "nọ́máláìsì rẹ̀ dé nọ́má fọ́ọ̀mù kẹta", ló bá lọ. Kí ni mo máa ṣe gan-an?

Tísà Ìwé Kẹfà

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ti òjò yẹn dùn mí. Ohun tó ní kí ẹ ṣe kò le. Nọ́máláìsì ni kí gbogbo nǹkan rí bákan náà. Ó dá mi lójú pé ibì kan wà tí ẹ kọ "Ilorin", ibì kan "ILORIN", ibì kan "ilorin " tí àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ èyí sí òpó tuntun kan, kí ẹ wá fà á wálẹ̀:

```
=PROPER(TRIM(E2))
```

Mo máa ń ṣe é sí orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní gbogbo táàmù.

Bàbá Àtẹ

Ẹ ṣeun, Tísà. Iṣẹ́ tí ẹ sọ yẹn pọn dandan, òun ló sì yẹ kí ìyá kọ́kọ́ ṣe, nítorí kọ̀ǹpútà yóò ka "Ilorin" àti "ilorin " sí ìlú méjì. Ṣùgbọ́n ìmọ́tótó nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọmọkùnrin yẹn ní lọ́kàn. Ká ní gbogbo lẹ́tà inú ṣíìtì yìí tọ̀nà, nọ́ḿbà Ìyá Ṣadé ṣì wà ní ojú ibi mẹ́ta. Ibi mẹ́ta yẹn ló kó kàm̀pálà sínú òjò.

Ọdún 1970 ni Edgar Codd ti iléeṣẹ́ IBM tẹ èrò yìí jáde: kí a máa kó dátà sínú àwọn àtẹ tó bá ara wọn tan. Kò pẹ́ sí i tó fi fi ìpele kejì àti ìkẹta kún un; ìkẹta yẹn ni ọmọkùnrin yẹn pè ní nọ́má fọ́ọ̀mù kẹta. Mo fẹ́ kí ìyá gbàgbé orúkọ àwọn ìpele yẹn ná, kí wọ́n mú ìbéèrè kan ṣoṣo dání, kí wọ́n sì máa bi òpó kọ̀ọ̀kan léèrè: bí mo bá mọ èyí, ṣé mo ti mọ ìyẹn láìtún bèèrè, nígbà gbogbo? Bí mo bá mọ nọ́ḿbà ọ́dà, ṣé mo ti mọ ọjọ́ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá mọ nọ́ḿbà ọ́dà, ṣé mo ti mọ iye owó àdìrẹ kan? Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìdáhùn kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń ta ọjà ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òpó `oja`. "adire 3, kampala 2" jẹ́ nǹkan mẹ́rin nínú àpótí kan. Ìdí tí ẹ fi ń fi ojú kà á nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ìyẹn rọrùn. Kí ìyá ṣe òpó `oja1`, `iye1`, `oja2`, `iye2`, `oja3`, `iye3`. Àpótí kan, nǹkan kan. Ó parí.

Bàbá Àtẹ

Àbúrò mi, ìdajì rẹ̀ lo gbà. Òótọ́ ni pé nǹkan kan ló wà nínú àpótí kan báyìí. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fẹ́ ka àdìrẹ, òpó mẹ́ta ni wọ́n máa wá a sí, torí àdìrẹ lè wà ní `oja1` fún ẹnì kan, kó wà ní `oja3` fún ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ra oríṣi mẹ́rin ńkọ́? Wọn á tún fi òpó kún gbogbo ìlà 640, àwọn tó ra ẹyọ kan á sì máa gbé òfìfo kiri.

Ìsàlẹ̀ ni kí ọjà máa lọ, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Ọjà kọ̀ọ̀kan, ìlà tirẹ̀:

```
oda | oja     | iye | owo_okan
118 | adire   | 3   | 9000
118 | kampala | 2   | 7500
131 | adire   | 1   | 9000
140 | kampala | 4   | 7500
```

Ìpele kìíní nìyẹn. Láti ibi yìí, `=SUMIF(B2:B, "adire", C2:C)` yóò sọ iye àdìrẹ tí ẹ tà láìfi ojú kà á. Ẹ má tíì yọ ohun tó kù kúrò nínú ṣíìtì àtijọ́.

Oníkánópì

Ẹ dákun, ẹ gbà mí láàyè. Àga àti kánópì ni mò ń yá àwọn èèyàn fún ìnáwó, ọ̀rọ̀ yìí sì bá mi níbi tó ń dùn mí. Èmi ní `owo1`, `owo2`, `owo3`, torí oníbàárà máa ń san àsansílẹ̀, á tún mú díẹ̀ wá kó tó di ọjọ́ òde, á sì san ìyókù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan wà tó san án lẹ́ẹ̀méje. Inú òpó àkíyèsí ni mo kọ ti mẹ́rin yòókù sí, ìjà ló sì dá sílẹ̀ láàárín wa torí mi ò rò wọ́n mọ́ ọn. Ṣé àrùn kan náà ni?

Bàbá Àtẹ

Òun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Àtẹ ìsanwó ni kí ẹ ṣe: nọ́ḿbà ọ́dà, ọjọ́, iye. Ẹni tó san lẹ́ẹ̀méje á ní ìlà méje, ẹni tó san lẹ́ẹ̀kan á ní ọ̀kan.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Nínú àtẹ tuntun yẹn, nọ́ḿbà ọ́dà nìkan kò tó láti dá ìlà kan mọ̀, torí 118 ní ìlà méjì. Oda àti oja jọ ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ni. Mo ní láti mọ méjèèjì kí n tó lè sọ iye. Ìbéèrè mi fún ìyá: ṣé ẹ tún ń kọ nǹkan míì nípa aṣọ fúnra rẹ̀? Aláró tó ṣe é, bóyá?

Aládìrẹ Ìtòkú

Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo gé òpó méjì kúrò kó má baà gùn jù níbí: orúkọ aláró àti fóònù rẹ̀. Obìnrin kan ló ń ṣe gbogbo àdìrẹ fún mi, ẹlòmíì ló ń ṣe kàm̀pálà.

Bàbá Àtẹ

Ẹ wò ó báyìí. Kí n tó mọ aláró, ṣé mo nílò nọ́ḿbà ọ́dà? Rárá. Bí mo bá ti gbọ́ "àdìrẹ", mo ti mọ̀ ọ́n. Ìdajì kọ́kọ́rọ́ ti tó. Ohunkóhun tí ìdajì kọ́kọ́rọ́ bá ti tó láti mọ̀, àtẹ tirẹ̀ ni kó lọ, torí bí ó bá dúró níbẹ̀, iye ìgbà tí ẹ bá ta àdìrẹ ni ẹ máa kọ orúkọ obìnrin yẹn. Àtẹ `oja` nìyẹn: orúkọ ọjà, owó rẹ̀ lónìí, aláró. Ọjọ́ àti oníbàárà náà, nọ́ḿbà ọ́dà nìkan ti tó fún wọn, torí náà inú àtẹ `oda` ni wọ́n máa wà, ìlà kan fún ọ́dà kan.

Èrè rẹ̀ tí èèyàn kì í tètè rí ni pé ẹ lè kọ ọjà tuntun sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Nínú ṣíìtì àtijọ́, ibo ni ẹ máa kọ owó aṣọ tí kò tíì ní ọ́dà sí?

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ni mò ń kọ ọ́ sí sà.

Ó sì rán mi létí nǹkan kan. Ọ́dà kan ṣoṣo ni mo ní sí Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin náà ní òun ò rà mọ́, mo sì pa ìlà yẹn rẹ́. Nígbà tí ẹlòmíì béèrè iye wébíìlì dé Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí mo ṣe pa ọ́dà rẹ́ ni owó ọkọ̀ bá a lọ.

Bàbá Àtẹ

Ẹ ti fúnra yín dé ìpele kẹta. Ẹ wo ọ́dà 118. Nọ́ḿbà ọ́dà sọ oníbàárà fún mi. Oníbàárà ló wá sọ nọ́ḿbà fóònù fún mi. Fóònù kò bá ọ́dà tan ní tààrà. Ọwọ́ Ìyá Ṣadé ló ti gbà á wá. Nínú àtẹ tó bá dé ìpele kẹta, kò sí òpó tó máa gba ọwọ́ òpó míì tí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́. Torí náà àtẹ `onibara` ni fóònù ń lọ, ojú ibi kan ṣoṣo. Bí Ìyá Ṣadé bá pààrọ̀ nọ́ḿbà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibì kan náà ni ẹ máa yí. Fóònù aláró bá ọ̀nà kan náà lọ: àtẹ `alaro`.

Wébíìlì náà rí bẹ́ẹ̀, tàbí ó jọ pé ó rí bẹ́ẹ̀: ọ́dà sọ ìlú, ìlú sọ owó. Àtẹ `ilu` ni à bá gbé e lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ò sì ní sọnù mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gé e. Ìlọrin jẹ́ 3500 ní ìlà kan, ó jẹ́ 4000 ní òmíràn. Ẹ kọ èyí sí ṣíìtì òfìfo kan, kí ẹ fi orúkọ ṣíìtì yín rọ́pò `Sheet1`:

```
=SORT(UNIQUE(Sheet1!E2:F641))
```

Yóò to ìlú àti owó wébíìlì jọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ìlú tó bá jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ bi ara yín pé kí ló fà á.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí a fi ní láti bèèrè? Èyí tó kẹ́yìn ló tọ̀nà. 4000 ni kí ìyá kọ, kí gbogbo rẹ̀ bára mu. Owó ọjà náà ńkọ́? Ó ti wà nínú àtẹ `oja`, kí wọ́n pa `owo_okan` rẹ́ nínú ìlà ọ́dà, kí wọ́n fi `XLOOKUP` fà á wá. Ẹ̀yin lẹ ní nǹkan kan kò gbọ́dọ̀ wà níbi méjì.

Aládìrẹ Ìtòkú

Mo ti ṣe ti owó ọjà bí àbúrò ṣe sọ. Ó dára gan-an, mi ò ní máa tẹ owó mọ́. Ọ̀la ni mo máa ṣe ti wébíìlì.

Aládìrẹ Ìtòkú

Ẹ gbà mí o. Oògùn aró wọ́n sí i, mo yí owó àdìrẹ láti 9000 sí 10500 nínú àtẹ `oja` láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo wo ọ́dà 118, owó aṣọ tó jẹ́ 42000 ti di 46500. Òpó ìyókù ní Ìyá Ṣadé jẹ mí ní 4500. Mo ti gbé fóònù láti pè é kí n tó rántí pé oṣù kẹta lobìnrin náà ti san gbogbo owó rẹ̀! Gbogbo ọ́dà àdìrẹ tó ti kọjá ló yí.

Bàbá Àtẹ

Ìyá, ẹ má pè é. Ẹ̀bi mi ni, mi ò tètè dá àbúrò lóhùn.

Owó méjì ló wà níbẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àkọ́kọ́ ni owó tí ẹ ń ta àdìrẹ lónìí: bí mo bá mọ ọjà, mo mọ̀ ọ́n. Inú àtẹ `oja` nìyẹn wà. Èkejì ni owó tí ẹ tà á fún Ìyá Ṣadé ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Bí mo bá mọ̀ pé àdìrẹ ni, ṣé mo ti mọ ìyẹn? Rárá, àfi kí n mọ ọ́dà wo ni. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ló nílò, torí náà inú ìlà ọ́dà ni ilé rẹ̀. Bí nọ́ḿbà méjì bá tiẹ̀ dọ́gba lónìí, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀kan máa yí lọ́la, èkejì kò gbọ́dọ̀ yí láé.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ fi ìtàn ṣíìtì padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó pa òpó yẹn rẹ́, kí ẹ sì ṣe àdàkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, bí `XLOOKUP` bá gbé owó wá fún ọ́dà tuntun, ẹ da owó yẹn kọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ padà sójú ara rẹ̀ pẹ̀lú Ctrl+Shift+V lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ḿbà lásán ni yóò kù, fọ́múlà á kúrò. Láti mọ̀ bóyá ó tún ṣẹlẹ̀, ẹ kọ àpapọ̀ oṣù tó ti parí sínú ìwé. Bí àpapọ̀ oṣù kẹta bá yí ní oṣù keje, fọ́múlà kan ń tún ìtàn kọ.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mo rò pé bí nọ́ḿbà bá jọ ara wọn, àsọtúnsọ ni.

Aládìrẹ Ìtòkú

Kò sí ìbínú, ọmọ mi. Mo ti dá a padà, 118 ti di 42000. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n ronú sí ti wébíìlì, mi ò sì fọwọ́ kàn án. Ìlọrin 3500 kì í ṣe àṣìṣe. Iye tí dírẹ́bà gbà lóṣù kẹta nìyẹn, 4000 ló gbà lóṣù kẹrin. Nígbà míì mo máa ń gbé ìdajì rẹ̀ fún oníbàárà tó ra ọjà púpọ̀.

Bàbá Àtẹ

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ìlú kò wá pinnu iye tí oníbàárà san mọ́, torí náà iye yẹn dúró nínú `oda`, kò sì ba ìpele kẹta jẹ́. Àtẹ `ilu` á mú iye tí wọ́n ń gbà lónìí dání. Ẹ ṣàkíyèsí pé `ilu` gan-an wà lórí ọ́dà, kì í ṣe lórí oníbàárà, torí Ìyá Ṣadé ti Ìlọrin ló ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Ìkòròdú. Bí mo ṣe rí i nìyí:

```
onibara (onibara_id, oruko, foonu)
ilu     (ilu, waybill_oni)
oda     (oda, ojo, onibara_id, ilu, waybill_san)
alaro   (alaro, foonu)
oja     (oja, owo_oni, alaro)
ila_oda (oda, oja, iye, owo_okan)
```

`apapo` kò sí níbẹ̀, torí a lè rò ó nígbàkigbà láti inú `ila_oda` àti `waybill_san`.

Akáǹtì Ìjẹ̀bú

Mi ò fara mọ́ ti `apapo` yẹn. Iye tí a kọ sórí rìsíìtì fún oníbàárà jẹ́ ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan `iye` lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo fẹ́ nǹkan tí mo máa fi dá a mọ̀. Ó sì ní ohun míì: àtẹ mẹ́fà pọ̀ jù fún ẹni tó ń ta ọjà lórí fóònù. Àwọn oníbàárà tèmi, ṣíìtì kan ni mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ wọn ní ìparí ọdún.

Bàbá Àtẹ

Ẹ̀yin lẹ mọ ti rìsíìtì, ọ̀gá. Bí ìyá bá fún oníbàárà ní ìwé tó ní iye lórí, a lè ka iye yẹn sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kó dúró sínú `oda`. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé yóò máa takora pẹ̀lú àwọn ìlà, kò sì sí ẹni tó máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ti ṣíìtì kan, a lè fa àtẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di ọ̀kan fún yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ kà á. Kí a má ṣe máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ ni.

Oníkánópì

Ìbéèrè kékeré. Bí èèyàn bá ra àdìrẹ méjì ní owó gidi, tó tún ra ọ̀kan tí àbàwọ́n wà lára rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, nínú ọ́dà kan náà ńkọ́? Oda kan, oja kan, owó méjì. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú àga tó ti fọ́ létí.

Aládìrẹ Ìtòkú

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí èmi náà! Kàm̀pálà méjì tí òjò pa yẹn, bí mo ṣe tà wọ́n nìyẹn.

Bàbá Àtẹ

Ẹ ti mú mi. Ọ̀rọ̀ yín ti já kọ́kọ́rọ́ tí mo gbé kalẹ̀. Ẹ fi nọ́ḿbà ìlà sí i: oda 118 ìlà 1, oda 118 ìlà 2. Oda àti nọ́ḿbà ìlà ni kọ́kọ́rọ́ báyìí, ọjà kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àtẹ tó kù kò yí padà.

Aládìrẹ Ìtòkú

Mo lo Sátidé gbáko lórí rẹ̀. Oníbàárà 640 ni mo rò pé mo ní, 212 ni. Ìyá Ṣadé mẹ́ta ló wà, méjì nínú wọn kì í ṣe ti Ìlọrin rárá, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ fi nọ́ḿbà fóònù ṣe `onibara_id`, ṣùgbọ́n ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ń lo fóònù kan, ni mo bá kàn fún oníkálukú ní nọ́ḿbà láti 1.

Ohun tó kù ni Èkó. Nígbà tí mo ṣe `UNIQUE` yẹn, Èkó jáde lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Díẹ̀ jẹ́ torí oṣù, ṣùgbọ́n lóṣù kan náà, Ìkẹjà jẹ́ 2500, Lẹ́kí jẹ́ 4500.

Bàbá Àtẹ

Nígbà náà, kì í ṣe ìlú ló ń sọ owó fún yín ní Èkó. Bóyá gáréèjì tí ọkọ̀ ń já ẹrù sí ni, bóyá àdúgbò ni. Ta ló ń pinnu rẹ̀, dírẹ́bà tàbí ẹni tó ń gbé e láti gáréèjì dé ilé?

Aládìrẹ Ìtòkú

Mi ò tíì bi wọ́n rí sà. Dírẹ́bà Lẹ́kí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa bi í kí n tó kọ ohunkóhun sí àtẹ `ilu` fún Èkó.